Zulaihat Oní-sìkíríìnì Dúdú

Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Ràímì n'Ígàńdó kí Zulaihat tó dé. Ọdún mẹ́rin gbáko! Èmi ni mo mọ ibi tí mo ti máa gbá sìkánà kó tó ṣiṣẹ́. Èmi ni mo mọ kọ́sítọ́mà tó máa ń jà tí wọ́n bá ní kó dúró. Oṣù méje péré lẹ́yìn tí ọmọ yìí dé, tí àwọn kọ́sítọ́mà bá wọlé, ojú wọn á fò mí kọjá: "Zulaihat dà? Zulaihat ni kó bá mi ṣe é." Ọdún 2014 ni mò ń sọ. Mo jowú, mi ò ní purọ́. Mo jowú débi pé oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó tínrín, kì í pariwo, ó ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, síbẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́. Ó ka kọ̀ǹpútà ní póòlì, wọ́n wá rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀gá kan ti kọ́ ọ pé kó má máa wá bọ́tìnnì tó máa tẹ̀, kó máa kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó á ṣí sìkíríìnì dúdú kan, kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí nǹkan kan àfi lẹ́tà funfun. Ó á tẹ ìlà kan, ó á tẹ Enter, iṣẹ́ á parí. Inú ìwé kékeré kan tó fi kàlẹ́ńdà di lẹ́yìn ló kọ gbogbo àṣẹ yẹn sí. Inú fíláàṣì ló sì ti gbé ètò tó ń lò wá, kò da módẹ̀mù tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì láàmú.

Mo máa ń bú u. "Zulai, ṣé yàhúù lo fẹ́ ṣe ni? Kí lò ń fi sìkíríìnì dúdú yìí ṣe?"

Ó á rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Táyé, iṣẹ́ ni mò ń ṣe jàre."

"Èmi o, mo gbọ́dọ̀ rí ohun tí mò ń ṣe! Kí n rí ojú-ewé, kí n fi máòsì gbé e. Ojú lèmi fi ń ṣiṣẹ́!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀ mí mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tó yá ni Ọ̀gá Ràímì sọ pé òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì l'Áyọ̀bọ̀, pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ló máa lọ jẹ́ máníjà níbẹ̀. Ó ní òun ṣì ń wò wá. Ọ̀rọ̀ di tèmi tìẹ nìyẹn.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ni Mọ́mì Olútóyìn wọlé. Ìyá yìí ló ni ilé-ìwé kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló gbé dání, wọ́n ní kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó máa fọwọ́ sí ilé-ìwé rẹ̀ nípa ímeèlì, nínú PDF kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ ju MB mẹ́wàá lọ, kó tó di aago mẹ́rin.

"Mọ́mì, ẹ jókòó, èmi ni mo wà níbí," mo sọ. Mo sìkáànì ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fáìlì lórúkọ: 1, 2, 3, títí dé 64. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní àádọ́rùn-ún MB. Mo ṣí wẹ́ẹ̀bù-sáìtì kan tó máa ń lẹ PDF pọ̀ tó sì máa ń sọ ọ́ di kékeré lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kó máa gbé wọn lọ. Ààmì módẹ̀mù jẹ́ igi kan ṣoṣo. Ó wọ́, ó wọ́, ó dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ó já. Mo tún un ṣe. Ó tún já. Aago ti lu méjì ààbọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ó máa ṣeé ṣe báyìí?" Mọ́mì ti ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀.

Zulaihat sún mọ́ mi. "Bọ̀dá Táyé, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ níbí, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dìde. Ó wọ inú fóldà náà láti sìkíríìnì dúdú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́:

pdftk *.pdf cat output ileiwe.pdf

Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, fáìlì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti di ọ̀kan. Ó tún ṣí ìwé rẹ̀, ó tẹ ìlà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gswin32c, èyí tó ń dín àwòrán inú PDF kù. Ó ní òun ò ní lo èyí tó kéré jù, torí lẹ́tà á rí bàìbàì, pé àárín lòun máa lò. Ó di MB mẹ́jọ. Mọ́mì pàtẹ́wọ́! Inú mi ń jó bí ata.

Ìgbà yẹn ló wá yíjú sí mi. "Bọ̀dá Táyé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́. Mo ti ka iye ojú-ewé, ó pé. Ojú tiyín ló dáa jù."

Mo ṣí i. Ojú-ewé kìíní dáa. Ìkejì… òǹkà tó wà nísàlẹ̀ ìwé jẹ́ mẹ́wàá. Ìkẹta, mọ́kànlá. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Nínú fóldà lójú tèmi, 2 ló tẹ̀lé 1. Ṣùgbọ́n sìkíríìnì dúdú ń tò wọ́n bí ẹni ń to lẹ́tà: 1, lẹ́yìn náà 10, 11, títí dé 19, kó tó kan 2. Fáìlì mẹ́sàn-án péré ló yẹ kí n tún sọ lórúkọ, kí 1 di 01, kí 2 di 02, títí dé 09. Ìṣẹ́jú méjì.

Mo rí Ayọ̀bọ̀ lójú mi. Mo pa á dé.

"Ó dáa," mo sọ.

Ó fi ránṣẹ́. Módẹ̀mù fà á fún ogún ìṣẹ́jú, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì Olútóyìn wọlé bí ìjì. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ pa mí ni? Wọ́n pè mí pé ìwé mi dàrú, àfi bí ẹni da káàdì! Wọ́n ní kí n tún un fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di ọdún tó ń bọ̀!"

Ọ̀gá Ràímì jáde láti ẹ̀yìn. "Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà," Zulaihat sọ. "Mi ò wo bó ṣe tò wọ́n. Ẹ̀bi mi ni."

Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí Mọ́mì ṣe nawọ́ sí mi. "Èyí náà wò ó! Ó ṣí i níṣojú mi, ó ní ó dáa!"

Ọ̀gá rọra yíjú sí mi. "Táyé. Ìwọ tó o máa ń sọ pé ojú lo fi ń ṣiṣẹ́. Ṣé o ò rí i ni, àbí o rí i?"

Ẹ gbà mí o. Tí mo bá ní mo rí i, ìkà ni mí. Tí mo bá ní mi ò rí i, kí wá ni mo fi ń pariwo láti ọdún mẹ́rin?

"Mi ò rí i, sà."

 Ọ̀gá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Mo jókòó, mo pa àwọn fáìlì tó dàrú rẹ́, mo tún fáìlì mẹ́sàn-án náà sọ lórúkọ, Zulaihat tún tẹ ìlà méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń wo ojú-ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kó tó fi ránṣẹ́. Aago mẹ́wàá ò tíì lù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá gbé kọ́kọ́rọ́ Ayọ̀bọ̀ lé Zulaihat lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ó ń di wáyà ṣájà rẹ̀, kò wo ojú mi. "Bọ̀dá Táyé, mo mọ̀ pé ẹ rí i. Ẹni tí kò bá rí nǹkan á wò ó dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin dé ojú-ewé kẹta, ẹ pa á dé."

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?" Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

"Kò kàn mí, sà," ó sọ, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ayọ̀bọ̀ ló kàn mí."