Gáàsì Kò Gbọdọ̀ Ju Èédú Lọ

Aránṣọ tó ń gbé nínú ilé wa kì í fara balẹ̀. Bó ṣe ń ránṣọ ni yóò máa yọjú wo ilé ìdáná. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèrà ló wà lórí àga rẹ̀. Ìgbà tí màmá rẹ̀ wá ń gbé pẹ̀lú òun àti ọkọ rẹ̀ ni mo pa ẹnu mi dé. Èéfín èédú kò jẹ́ kí ìyá àgbà náà gbádùn: ikọ́ á mú un títí omi á fi dà lójú rẹ̀. Ó ti ní òun á padà sílé òun, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa bu omi fún un mu.

Ọkọ aránṣọ, káfíńtà ni. Kì í ṣèèyàn burúkú, ahun ni.

"Gáàsì kò gbọdọ̀ ju èédú lọ," ó ní nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa fi gáàsì dáná. "Owó iná oṣù kan, pín in sí iye ìgbà tí o fi se oúnjẹ. Èyí tó bá wọ́n jù, kó lọ."

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń dáná. Wọ́n lo èédú lóṣù kan: ọgọ́rùn-ún náírà mẹ́rin lórí oúnjẹ kan. Kẹrosíìnì gba mẹ́jọ, ó tún ń rùn sínú ọbẹ̀. Ó wá kan gáàsì. Oṣù kò tíì parí tí sílíńdà fi gbẹ: mẹ́fà.

"Èédú ló borí," ni káfíńtà wí.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Inú bí mi débi pé mi ò kí ọkùnrin náà mọ́. Aránṣọ kò sùn, kò jẹun, ó ń rìn kiri ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti rí ìkòkò ńlá tí ọkọ rẹ̀ fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Ọkọ mi, nígbà èédú, níbo lẹ ti ń gbé omi yìí kaná?"

"Lórí ẹyin iná tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ ni. Ṣé kó ṣòfò ni?"

"Lórí gáàsì ńkọ́?"

Káfíńtà wo ìkòkò náà, ó wo sílíńdà: gáàsì kì í fi ẹyin iná sílẹ̀. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ ló jẹ gáàsì, oúnjẹ ló gba ẹ̀bi.

"Ẹ jẹ́ ká tún un dán wò," ni aránṣọ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ nìkan."

Òtútù mú gan-an lóṣù yẹn. Gbogbo àárọ̀ la máa ń gbọ́ igbe káfíńtà láti ilé ìwẹ̀, tí a ó sì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kì í rẹ́rìn-ín. Sílíńdà ló máa ń gbé wò, bóyá ó ti fúyẹ́. Nígbà tí oṣù parí, iná ṣì ń jó. Mẹ́rin, bíi ti èédú gẹ́lẹ́.

Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá ìyàwó rẹ̀, aṣọ ìnura lọ́rùn, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ tú ẹrù yín. Omi tútù ti ń mọ́ mi lára."