Ìwé Ìbéèrè Tí Kò Béèrè Orúkọ

Kí n má parọ́, ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni mí nílùú kan lókè, mo sì ń kàwé gba oyè kejì. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí olùkọ́ tẹra mọ́ṣẹ́ ní Ìlàjẹ, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá lọ sídìí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé ìbéèrè náà. Ogójì gbólóhùn ni, olùkọ́ yóò sì fàmì sí ọ̀kan nínú mẹ́rin: mo gbà gidigidi, mo gbà, mi ò gbà, mi ò gbà rárá. "Bí iṣẹ́ epo bá yọjú lónìí, n óò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀." "Ọ̀gá ilé ìwé mi mọ rírì iṣẹ́ mi." Àyè wà lẹ́yìn fún ẹni tó bá lọ́rọ̀ sọ.

Mo kọ ọ́ sókè ìwé náà pé mi ò béèrè orúkọ, pé kò di dandan kí ẹnikẹ́ni dáhùn, pé ohun tí ẹnì kan bá kọ kò ní kó o sí wàhálà. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo wá béèrè ilé ìwé, ọkùnrin tàbí obìnrin, àti iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìwé tèmi ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. A lé lọ́gbọ̀n níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá ìwé ẹnì kan mọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo pín àwọn ilé ìwé Ìlàjẹ sí méjì: èyí tí mọ́tò ń dé, àti èyí tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé ibẹ̀. Mo kọ orúkọ wọn sórí bébà, mo ká a, mo fà á nínú abọ́. Ilé ìwé tí mo bá fà, gbogbo olùkọ́ rẹ̀ ni yóò kọ, torí wọn kì í pọ̀.

Mahintedo wà lára èyí tí mo fà. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni olùkọ́ ibẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀gá wọn. Obìnrin náà dàgbà jù mí lọ, òun àti ìyá rẹ̀ tí kò ríran mọ́ ni wọ́n jọ ń gbé.

Ó bi mí pé, "Ṣé lóòótọ́ lẹ ò fẹ́ orúkọ?"

"Lóòótọ́ ni, mà. Ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín."

Ọkọ̀ ojú omi tó ń débẹ̀ ò sí lójoojúmọ́, ara sì ń ro mí. Mo ní kí ọ̀gá wọn bá mi gba ìwé náà jọ. Òmùgọ̀ ni mí.

Nígbà tí mo padà lọ gbà á, inú ọkọ̀ ni mo ti ń kà á, tí ọkọ̀ àwọn eléepo rọ̀bì ń sáré kọjá tó ń fi omi wẹ̀ wá. Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbà gidigidi sí gbogbo ohun tó dára. Obìnrin kan ṣoṣo náà kọ ọ́ sẹ́yìn pé, "Ọ̀gá wa kì í wá ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta." Etí ìwé tirẹ̀ ti gbó, bíi ti ìwé tí wọ́n ti ṣí léraléra. Ẹ̀rù bà mí.

Kí sáà tó parí, wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwé kan ní Àràrọ̀mí létí òkun. Mo lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Kí ni ìwé yín kàn nínú ọ̀rọ̀ wa?" Kò sí ohun tí mo lè tọ́ka sí.

Mo kó gbogbo ìwé ìbéèrè náà dànù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo yọ orúkọ ilé ìwé, mo yọ ọkùnrin tàbí obìnrin, mo yọ iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Mo fún olúkúlùkù ní àpòòwé tí yóò lẹ̀ pa, èmi fúnra mi ni mo sì ń gbà á. Àràrọ̀mí wà lára àwọn tí mo ti fà tẹ́lẹ̀, torí náà mo ní láti débẹ̀.

Obìnrin náà ka òkè ìwé náà, níbi tí mo ti ní kò sẹ́ni tí yóò kó sí wàhálà. Ó ní, "Gbólóhùn yìí ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárí jì mí. Mo ti tún un ṣe."

"Mo gbọ́. Ọmọ àbúrò mi ló ń fún ìyá mi lóúnjẹ báyìí. Wọ́n ní ó ń béèrè mi láràárọ̀."

Kò bínú sí mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Nígbà tó yá, ó ju àpòòwé tirẹ̀ sínú àpò mi, pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Nílé, mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo ń já wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí wọn ò fàmì sí ibì kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni náà ni, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò di dandan. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohunkóhun lára ìwé náà tó lè sọ ẹni tó ni ín fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á mọ́ àwọn tí kò dáhùn, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún, torí mo mọ ẹni tó ni ín.