Fídíò Tí Ẹnì Kan Ṣoṣo Ṣí

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, olùkọ́ wa kan máa ń kọ́ wa ní kíláàsì, á sì tún gbé fídíò ẹ̀kọ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní Ìsọlọ̀ tí mò ń gbé, iná kì í dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Àjàó Estate, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, ló ń dáńlóòdù ẹ̀, gbogbo wa á wá gbà á láti orí fóònù ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ náà fìbínú wọlé: “Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣí fídíò mi! Mi ò ṣe mọ́.”

A ò jẹ́wọ́ pé orí fóònù ẹnì kan la ti ń gbà á, torí ẹ̀rù ń bà wá kó má pè é ní màgòmágó.

Ẹ̀rọ burúkú tó ń ka èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn! Ó ka ẹni tó ṣí i, kò ka ẹni tó gbọ́. Nígbà tó yá, bàbá yẹn fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì rò pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀. Títí dòní, mo ṣì há ọ̀rọ̀ inú àwọn fídíò ẹ̀ sórí.