Lẹ́tà Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn ní Oǹdó

Mo ti pa irọ́ tó dára ju èyí lọ láyé mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pẹ́ tó o. Ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ló fi jọba.

Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Rédíò kan wà lórí òpó wa ní Àkúrẹ́, èkejì wà lórí òpó ní Oǹdó, àfi kí àwọn méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀ kí àwọn oníbàárà wa ní Oǹdó tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sí Àkúrẹ́, mo ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Ti Oǹdó ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀, bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò pé mo tẹ̀ kọ́ ni mo tẹ̀, torí ojú mi wà lára ẹ̀wà tí mo ń jẹ. Bí àwọn rédíò méjèèjì ṣe kẹ̀yìn síra wọn nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, kí n so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó, kí n tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá mi pè mí láti Èkó pé kí ló dé, ẹnu mi sì yá ju ọpọlọ mi lọ: mo ní àrá ló sán pa rédíò. Epo ọkọ̀ ti di góòlù nígbà náà, ni ọ̀gá bá ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Oǹdó títí òun yóò fi rí rédíò tuntun rà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà òpó náà sì wà. Irọ́ tí mo fi ń sá fún èébú ló wá tì mí mọ́lé.

Nígbà tí rédíò dé, èmi àti ọ̀gá jọ lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo èyí tó kú yẹn ná. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, òkú dáhùn. N kò gun òpó rárá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò sì pé tí gbogbo Oǹdó fi padà. Ọ̀gá wo rédíò tuntun nínú páálí, ó wò mí. Ó ní kí n kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì sí àwọn oníbàárà, kí n sì fọwọ́ ara mi sí i.

Mo kọ ọ́. Òyìnbó rẹ̀ dùn bí oyin. Mo dárúkọ àrá, mo dárúkọ ohun tó kọjá agbára wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún sùúrù tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní.

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí ọjà Oǹdó ló ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì, tó ń lo iléeṣẹ́ mìíràn, ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, ni àwọn òbí bá ń pe ìyá náà ní gbájúẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọn kò bá padà, ilẹ̀kùn rẹ̀ títì ló kù.

Ó na lẹ́tà mi sí mi. “Àrá nínú ọyẹ́, bọ̀dá?”

Ọyẹ́ ọ̀hún ṣì wà ní ètè mi, ó ń fà á ya.

“Ẹ má bẹ̀ mí,” ó ní, “orúkọ mi ni kí ẹ bá mi gbà padà. Ẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe èmi. Ẹ kọ ẹni tí í ṣe. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn òbí lè kà á.”

Ìtìjú ni mo fi kọ ọ́, lórí tábìlì rẹ̀:

“Fún ọjọ́ mẹ́tàlá, ẹ kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Kì í ṣe àrá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Èmi ni mo ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, mo sì parọ́ láti fi bò ó. Irọ́ náà ló sọ wákàtí díẹ̀ di ọjọ́ mẹ́tàlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. A ó fi ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kún ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni méjì ni yóò máa dúró ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òní lọ. Bí iṣẹ́ bá tún dáwọ́ dúró, a ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an.”

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ó ní kí n dúró ti iṣẹ́ títí ìforúkọsílẹ̀ yóò fi parí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n bú ẹni tó kọ ọ́ dáadáa, èmi náà sì ń mirí pé òótọ́ ni.

Bàbá kan kà á pẹ́. Ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo mọ ẹni yìí. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

“Òun náà nìyẹn,” ìyá náà sọ láti ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, láìgbójú sókè.

Mo ń retí ìgbátí. Bàbá náà kàn rọra sún mọ́ mi. Ó ní ojoojúmọ́ ni ọmọbìnrin òun ń wálé pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun sì ń pè é ní òpùrọ́ tí kò fẹ́ kàwé. Ó ti di ọjọ́ mélòó kan tí ọmọ náà kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.

“Ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà kan tí n ó mú lọ fún un,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí èmi náà lè fọwọ́ sí i.”