Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà

Òmùgọ̀ ni mí: mo gbà pé ẹ̀jẹ̀ ẹbí kì í kọ ara wọn. Ọmọ àbúrò mi bímọ ní ọsibítù n'Íjerò, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ni mo bá na apá kí wọ́n fa tèmi fún un, mo dijú nítorí abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, obìnrin láábù ní, "Bàbá, tiyín kò bá a mu. Irú ẹ̀jẹ̀ A ni tiyín, irú O ni tirẹ̀."

"Ṣebí pọ́sítíìfù ni àwa méjèèjì?"

"Ìyẹn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbógun ti A ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, bí kò tilẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ rí. Tiyín lè pa á."

Ọlọ́kadà tó gbé wa wá láti Ìlòrò ní kí wọ́n yẹ òun wò. Wọ́n po díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ọmọ àbúrò mi láti wò ó bóyá yóò ṣù pọ̀, a dúró.

Obìnrin náà jáde. "Irú O ni òun náà, kò ní àrùn, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ṣù pọ̀. Bàbá, ọlọ́kadà yín ni ẹbí rẹ̀ lónìí."