Ọjọ́ Tí Obìnrin Kánádà Ṣíwọ́ Iṣẹ́

Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni mo máa ń gé ikọ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti "ẹ̀n, ẹ̀n" kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí a bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ibì kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ará òkè òkun ti ń wá ẹni tó máa jókòó sílé rẹ̀ bá wọn ṣiṣẹ́. Mo kọ̀wé títí, kò sẹ́ni tó fèsì, àfi obìnrin kan ní Kánádà tó ń ṣe ètò àfetígbọ́ nípa ọgbà ẹ̀fọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n tún ẹyọ kan ṣe wò. Àwọn tó ni ibẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n di owó náà mú títí ó fi ní iṣẹ́ náà tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n yọ tiwọn, wọ́n fún mi ní ìyókù. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Nígbà tó yá, ohun tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju owó oṣù mi lọ. Mo gba Iléṣà lọ láti sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ fi rédíò sílẹ̀. Aṣọ ni bàbá mi fi ọjọ́ ayé wọn tà láwìn, títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Wọ́n bi mí pé, "Oníbàárà mélòó lo ní?"

"Ẹyọ kan ni, sà."

"Bó bá jí lọ́la tó lóun ò ṣe mọ́ ńkọ́?"

"Èèyàn dáadáa ni, sà."

"Èèyàn dáadáa náà máa ń ṣíwọ́ iṣẹ́. Ṣe sùúrù, wá àwọn mìíràn kún un. Bí ẹnì kan bá lọ nínú wọn tí ebi ò pa yín, ìgbà yẹn ni kó o kọ̀wé fi rédíò sílẹ̀."

Inú bí mi, àmọ́ mo gbọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́. Mo rí ọkùnrin kan ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn náà iléèwé kan ní Ọsirélíà tó ní òun á máa san iye kan náà lóṣooṣù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin Kánádà kọ̀wé pé ara òun ò gbé e mọ́, ètò náà ti parí. Mo gbé fóònù fún ìyàwó mi. Ó kà á, ó wá ní, "Tí a bá yọ tirẹ̀ àti owó rédíò kúrò, ṣé owó ilé ṣì wà ńbẹ̀?"

"Ó wà."

"Owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́? Dátà ńkọ́?"

A rò ó lọ, a rò ó bọ̀. Yóò há fún wa díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó kù ká gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí bàbá mi wí ti dé.

Mi ò mọ̀ pé mo ti ń fún eyín pọ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àfi ìgbà tí àgbọ̀n mi dẹ̀. Mo na ẹ̀yìn sórí àga níbẹ̀, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ìyàwó mi ti pa fóònù mi kí n lè sùn dáadáa.