Báàgì Tapólì àti Ìkéde Tó Ń Pariwo

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rán báàgì ní Boundary, nítòsí Àpápá. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà ló ń rà ní Malu Road, á fọ̀ ọ́, á sì fi rán báàgì àgbékọ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ ọjà kò yá.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń jẹ bọ́ọ̀lì, ló bá na fóònù rẹ̀ sí mi pẹ̀lú ìbínú. Ìkéde tó gbé sórí WhatsApp láàárọ̀ ni:

"BÁÀGÌ TÍ KÒ LẸ́GBẸ́ LÁYÉ! Omi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé! Mẹ́ta péré ló kù! Ẹ sanwó KÍÁKÍÁ kẹ́ ẹ má bàa kábàámọ̀!"

Awakọ̀ tírélà kan ti fèsì pé: "Madam, mẹ́ta ló kù lóṣù tó kọjá, mẹ́ta náà ló kù lónìí. Ṣé wọ́n ń bímọ ni?"

Ẹ̀rín pa mí. Báàgì kún ògiri lẹ́yìn mi fọ́fọ́.

"Bí gbogbo ọlọ́jà ṣe ń kọ ìkéde nìyẹn," ló wí. "Téèyàn ò bá pariwo, ta ló máa gbọ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló ń ra báàgì yìí gan-an?"

Ó ronú díẹ̀. "Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Àpápá, tí òjò ń pa."

"Ṣé lóòótọ́ lomi ò lè wọ̀ ọ́?"

"Aṣọ rẹ̀ kì í gbomi. Síìpù ni mi ò lè búra fún."

"Ẹ jẹ́ ká kọ ìyẹn náà."

"Ṣé orí ẹ pé? Kí n fẹnu ara mi ba ọjà mi jẹ́?"

Kàkà ká máa jiyàn, a ki ìwé ìròyìn sínú báàgì kan, a sì da omi lé e lórí. Nígbà tá a ṣí i, gbogbo ìwé náà gbẹ, àfi etí kan lábẹ́ síìpù. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ya fọ́tò etí tó tutù yẹn. A wá kọ ọ́ báyìí:

"Báàgì tapólì fún ẹni tó ń rìn nínú òjò. Ó gba laptop, bàtà àti kúlà oúnjẹ. Aṣọ rẹ̀ kì í gbomi, àmọ́ tí òjò bá le, omi díẹ̀ lè gba ojú síìpù wọlé, ẹ fi láílọ́ọ̀nù we laptop yín. Ó wúwo díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni. Tí okùn rẹ̀ bá já, màá tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá gbé e kọ́yìn wò kẹ́ ẹ tó rà á."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọkọ̀ òkun dé pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. "Mo fẹ́ dán an wò," ló wí. Ó da omi sí báàgì kan, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó gbé e kọ́yìn, ó yí síwá sẹ́yìn níwájú dígí. Ó ra tiẹ̀, ó sì ra ti ọkọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá lọ́sẹ̀ yẹn ló rà, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń rán báàgì, ó ń kọrin. Ìyá tó ń dín ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yọjú wọlé.

"Ọmọ mi, tèmi ńkọ́? Wá bá mi kọ ìkéde ẹja mi."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tọ́ ẹja náà wò, mà," ni mo wí, mo sì na ọwọ́ sí àwo.